Wọ́n fi fọ́tò tó ti ṣá ránṣẹ́, wọ́n ní "ẹ bá mi tún un ṣe": kí ni kí n ṣèlérí?

AtúnFọ́tòṢe

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ fọ́tò àtijọ́. Lánàá, ìyá kan fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e: "Ẹ bá mi tún un ṣe." Kò sọ bó ṣe fẹ́ kó rí, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni. Ó ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà ránṣẹ́, 1958 ni wọ́n fi bírò kọ síbẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: bàbá dúró, ìyá jókòó, ọmọbìnrin kékeré kan fara ti ìyá, ọmọ ọwọ́ sì wà lórí itan. Ohun tó jẹ́ dúdú ti di pupa rúsúrúsú, funfun ti di ìyeyè. Wọ́n ti ká a rí, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a gba èjìká bàbá kọjá dé etí rẹ̀. Àmọ́ ojú ọmọ ọwọ́ yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ó kàn funfun ni, bí ẹni pé wọ́n fi rọ́bà pa á rẹ́.

Mo sì ti dáhùn pé "kò sí wàhálà mà, á dára." Ìgbà tí mo wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ni àyà mi já. Kí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo máa ṣe? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí kò ṣeé ṣe kí n tó fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó tì í?

Ọba_Kọ́ńtíráàsì

Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀. Fọ́tò tó bá ṣá kò sọ nù, ó kàn fara pamọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun gidi kí pupa rúsúrúsú yẹn kúrò lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Curves, ẹ fa dúdú wálẹ̀, ẹ ti funfun sókè. Gbogbo rẹ̀ á jáde. Tí ojú ọmọ ò bá jáde, ẹ tún un sìkáànù ní 2400 dpi. Ohun tí 600 ò rí, 2400 á rí i. Mo ti ṣe tó ogún báyìí, kò sí oníbàárà tó bú mi.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Ọba, òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, àmọ́ èyí tó kù níbẹ̀ lè kó ọmọ yìí sí gbèsè.

AtúnFọ́tòṢe, gbọ́ mi. Ohun tó ń jẹ́ dúdú nínú irú fọ́tò yìí kì í ṣe yíǹkì. Fàdákà ni, ègé rẹ̀ wínníwínní, tó wà nínú jẹlatíìnì lórí pépà. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ́. Kẹ́míkà tí wọn ò fi omi ṣàn kúrò dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ fọ́tò náà tún máa ń jẹ ẹ́ láti inú wá. Èmi gan-an ti tẹ fọ́tò pọ̀ ní yàrá òkùnkùn, mo sì mọ iye ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ tí a gé àkókò omi kúrú. Bí fàdákà yẹn ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń kúrò ní dúdú, tó ń bọ́ sí rúsúrúsú, tó ń bọ́ sí ìyeyè.

Ibi tí fàdákà ti pọ̀ látilẹ̀, bí irun orí àti kóòtù bàbá, ṣì máa ní nǹkan tó ṣẹ́ kù. Ibi tó jẹ́ pé díẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí iná mọ́ sí, aṣọ funfun, fìlà ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ ọwọ́ fi lọ, tí bàtà bàbá ṣì wà digbí.

Ibi tí Ọba ti ṣì í nìyí: ó ní kí o kọ́kọ́ pa àwọ̀ rẹ́. Àwọ̀ ìyeyè yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó bá jẹ́ ìyeyè máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì, ó sì máa ń jẹ́ kí pupa lọ láìdí i lọ́wọ́. Nítorí náà, inú ìkànnì búlúù, ìyẹn apá àwòrán tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù nìkan, ni fàdákà tó ti rẹ̀ máa ti hàn jù lọ. Nínú ìkànnì pupa, ó lè má hàn rárá. Tí o bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun lẹ́ẹ̀kan náà, á po ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, pọ̀, búlúù ló sì máa mú kéré jù nínú àpòpọ̀ náà. O ti da ohun tí o ń wá nù kí o tó ṣí Curves.

Má ṣiṣẹ́ lórí èyí tó wá lórí WhatsApp. Ó ti fún un pọ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Gba fọ́tò náà fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹni tó ní sìkánà lọ́dọ̀ wọn bá wọn ṣe é. Kí wọ́n ṣe é ní aláwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú-àti-funfun ni. Kí wọ́n lo 600 dpi, tàbí 1200 tí ojú inú rẹ̀ bá kéré gan-an. Kí ìkànnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 16, kí fáìlì jẹ́ TIFF. Kí wọ́n pa gbogbo àtúnṣe tí sìkánà ń ṣe fúnra rẹ̀. Nípa 2400 yẹn, pépà kì í sábà ní ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára. Fọ́nrán pépà lo máa sọ di ńlá.

Tí o bá ti gbà á, pín in sí ìkànnì mẹ́ta. Nínú GIMP, Colors, Components, Decompose ni. Tí o bá ń lo ImageMagick:

```
magick foto.tif -separate kanali_%d.tif
```

0 ni pupa, 1 ni àwọ̀ ewé, 2 ni búlúù. Wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wá sọ fún wa ohun tí o rí.

Àfọ̀mọ́

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ kò kàn nu ìyeyè yẹn kúrò kí ẹ tó sìkáànù ú? Òwú tó tutù díẹ̀ ni mo máa ń lò sí tèmi, ìdọ̀tí á sì jáde.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Àfọ̀mọ́, jọ̀wọ́ má ṣe é mọ́. Ìyeyè yìí kì í ṣe ìdọ̀tí orí fọ́tò, fọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni. Jẹlatíìnì tó bá kan omi máa ń wú, á rọ̀, òwú rẹ á sì máa ká fàdákà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí èyí tí o nù bá jáde láìléwu, orí ló bá ọ ṣe é. Kí o fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbá eruku kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó.

AtúnFọ́tòṢe

Mo ti gba fọ́tò náà. Ẹ ṣeun, Bàbá, torí èyí tí mo ní lórí WhatsApp kò tilẹ̀ jọ ọ́. Mílímítà 90 ní 60 ni. Ojú ọmọ ọwọ́ kò ju mílímítà 4 lọ ní ìbú, ìyẹn bíi píkísẹ̀lì 94 ní 600 dpi. Mo lo 1200, ó fún mi ní bíi 189.

Mo pín in bí ẹ ṣe wí, ẹnu yà mí. Nínú ìkànnì pupa, ojú ọmọbìnrin náà dà bí àwo tí wọ́n fọ̀. Nínú búlúù, mo rí ìpéǹpéjú, mo rí ibi tí imú ti ya, mo tilẹ̀ rí yẹtí. Mo fi ohun tó ń ka àwọ̀ wọn ẹyinjú rẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nínú ìwọ̀n 0 sí 255. Nínú pupa, ẹyinjú jẹ́ 201, ẹ̀rẹ̀kẹ́ 214, ìyàtọ̀ 13 péré. Nínú àwọ̀ ewé, 178 àti 199. Nínú búlúù, 121 àti 158, ìyàtọ̀ 37. Ọmọbìnrin yẹn wà níbẹ̀ o!

Àmọ́ ọmọ ọwọ́... Mo rí etí fìlà rẹ̀, mo rí òjìji abẹ́ àgbọ̀n. Láàárín méjèèjì, 169, 171, 172, 170, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Tí mo bá fi Curves fà á gidigidi, ó dà bíi pé mo rí òjìji méjì níbi tó yẹ kí ẹyinjú wà. Ṣé ojú ni, àbí mo kàn fẹ́ rí i ni?

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Ìbéèrè tó dára jù nìyẹn, torí tí èèyàn bá fa Curves tó, á rí ojú lára ògiri.

Lọ sí etí fọ́tò náà, ibi funfun tó yí i ká tí àwòrán kò dé rí. Wọn ibẹ̀ náà ní ìkànnì búlúù. Kò lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, á máa lọ sókè sódò díẹ̀ nítorí pépà àti sìkánà. Iye tó ń lọ sókè sódò yẹn ni òṣùwọ̀n rẹ. Tí ti ojú ọmọ kò bá jù ú lọ, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ohunkóhun tí o bá sì fi síbẹ̀, ìwọ lo yà á.

Tí ó bá jù ú lọ díẹ̀, sìkáànù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìgbé fọ́tò náà kúrò níbi tó wà, kí o wá mú ìpíndọ́gba wọn:

```
magick 1.tif 2.tif 3.tif 4.tif -evaluate-sequence mean apapo.tif
```

Wínníwínní tó ti ọ̀dọ̀ sìkánà wá á dín kù dé bí ìdajì, torí kì í bọ́ sí ojú kan náà nígbà gbogbo. Ohun tó wà lára pépà kò ní kúrò. Àmọ́ má gbàgbé pé àbàwọ́n náà ń wà lára pépà.

AtúnFọ́tòṢe

Mo ti ṣe é. Etí fọ́tò ń lọ sókè sódò ní bíi 3. Lẹ́yìn ìpíndọ́gba mẹ́rin, òjìji òsì fi 5 dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, kò sì kúrò. Ti ọ̀tún kò dá mi lójú. Ẹnu àti imú, kò sí rárá.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

A jẹ́ pé ohun tí o lè bá ìyá yẹn sọ ni pé o rí ibi tí ẹyinjú kan wà. Bí ẹyinjú náà ṣe rí, o ò mọ̀ ọ́n. Kí ó ṣí ni, kí ó pa dé ni, kò sí lọ́wọ́ rẹ.

Mọ̀mí_Álíbọ́ọ̀mù

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Tèmi pọ́n bí ata ni, kì í ṣe ìyeyè. Fọ́tò ìgbéyàwó wa ni, aláwọ̀, láti 1974. Inú álíbọ́ọ̀mù ló wà láti ọjọ́ yẹn, oòrùn kò kàn án rí. Gbogbo wa pọ́n, títí kan ewéko tó wà lẹ́yìn. Mo pín in sí ìkànnì bí Bàbá ṣe wí, mo gbà á pé búlúù ló máa dára jù, àmọ́ búlúù tèmi kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Òmíràn tún wà tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Mọ̀mí, ẹ ò ṣe nǹkan kan tí kò tọ́, àìsàn tiyín yàtọ̀ ni. Fọ́tò aláwọ̀ kò ní fàdákà nínú mọ́ tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Àwọ̀ mẹ́ta ló kù níbẹ̀: ìyeyè, pupa aláwọ̀ àlùkò, àti búlúù tó fara jọ àwọ̀ ewé. Nínú ọ̀pọ̀ pépà ìgbà yẹn, ìkẹta yìí kò lè dúró pẹ́, kódà nínú òkùnkùn. Tó bá lọ, èyí tó kù ni pupa. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí ojú ìmọ́lẹ̀ máa ń ṣá lọ́nà mìíràn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo fọ́tò aláwọ̀ ló ń pọ́n.

Àwọ̀ tó lọ yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá ìmọ́lẹ̀ pupa dúró. Nítorí náà, ìkànnì pupa ni ẹ máa rí tó ti funfun jù, tí ìyàtọ̀ inú rẹ̀ sì kéré jù. Ìkànnì yẹn nìkan ni kí ẹ fà nínú Curves, ẹ má fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ẹ bá ti fà á tó, ewéko á kọ́kọ́ padà, awọ ara á tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohun tó kù díẹ̀ tí ẹ bá na gùn máa ń fi wínníwínní hàn, pàápàá níbi òjìji. Bíìtì 16 tí mo sọ wúlò níbí, torí tó bá jẹ́ bíìtì 8, ìgbésẹ̀ 40 tí ẹ nà dé 256 á yọ òrùka-òrùka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó.

Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á, ẹ má sì fi omi sí i. Tí ẹ bá fà á, jẹlatíìnì á dúró sórí gíláàsì, pépà nìkan lẹ máa mú lọ́wọ́. Ẹ yọ férémù kúrò, kí ẹ sìkáànù rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ lórí.

Mọ̀mí_Álíbọ́ọ̀mù

Mo ti gbìyànjú ti gíláàsì, ó rí bàìbàì bí ẹni pé ojú mi ń ṣe mí.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

A jẹ́ pé sìkánà pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ gan-an lẹ ní. Irú yẹn kì í rí ohun tó bá jìnnà sí ojú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá èyí tó nípọn, tí lẹ́ńsì àti dígí wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà yà á láti òkè, iná méjì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kí ó má bàa tàn padà sí lẹ́ńsì.

Ọba_Kọ́ńtíráàsì

Bàbá, mo gbà fún yín lórí búlúù, mo dán an wò lórí fọ́tò kan tí mo ti gbà pé ó parí, mo rí bọ́tìnnì tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ mo ní ìbéèrè. Lánàá mo ní fọ́tò kan tí tíì dà sí. Mo mú búlúù, àbàwọ́n tíì wá dúdú kirikiri!

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Tíì náà jẹ́ rúsúrúsú, ó ń gbé búlúù mì bíi fàdákà tó ti rẹ̀. Tí fọ́tò fúnra rẹ̀ bá ṣì dúdú dáadáa, tí àbàwọ́n nìkan ló jẹ́ ìyeyè, mú ìkànnì pupa, tíì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìṣòro ńlá ni tí fàdákà ti rẹ̀ tí tíì sì tún bọ́ sí i lójú kan náà. Ohun tó ń fi ọ̀kan hàn ló ń fi ìkejì hàn, ọwọ́ lo máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí fẹ́ràn wàhálà. Ojú ọmọ ọwọ́ kan ló kù, àbí? Gbogbo ọmọ ọwọ́ jọra. Kí bọ̀ọ̀dá wá ojú ọmọ mìíràn tí iná tàn sí láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, kó gbé e síbẹ̀, kó jẹ́ kó rí bàìbàì bíi ti ìyókù. Ìyá á dunnú, owó á wọlé.

Kò_Sí_Irọ́

Gbogbo ọmọ ọwọ́ kì í jọra lójú ìyá wọn. Mo ti rí ibi tí èyí ti dìjà. Ẹnì kan tún fọ́tò ìdílé wa ṣe, ó mú ojú ẹ̀gbọ́n mi kan gbé sí ara ìkejì torí wọ́n fara jọra. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kejì ni bàbá wa ṣàkíyèsí pé àpá tó wà ní iwájú orí ọmọ rẹ̀ ti kúrò. Ó ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà kúrò lójú òun. Ẹni tó ṣe é ṣì ń sọ pé iṣẹ́ rere lòun ṣe.

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú

Ìyẹn yàtọ̀, ẹni tí wọ́n mọ ojú rẹ̀ nìyẹn. Ta ló mọ ojú ọmọ oṣù mẹ́ta ti 1958?

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Èmi kì í ṣe é láìsọ. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é láé. Tí ìdílé bá ní fọ́tò mìíràn ti ọmọ kan náà, ní ọjọ́ orí tó sún mọ́ra, tí wọ́n sì sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, mo máa ń ṣe é sí fáìlì ọ̀tọ̀, èmi á sì kọ ọ́ sára orúkọ fáìlì pé ojú wá láti ibòmíràn. Fáìlì tí kò ní ojú yẹn náà á wà lọ́dọ̀ wọn.

Kò_Sí_Irọ́

Orúkọ fáìlì kì í dé orí ògiri, Bàbá. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e kọ́, ọmọ-ọmọ á máa pè é ní ojú bàbá bàbá òun.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

O ò parọ́. Mi ò ní èsì tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

AtúnFọ́tòṢe, kó tó dé orí ìyẹn, ṣé o ti béèrè nẹ́gátíìfù? Bi wọ́n. Bi wọ́n bóyá ọmọ ìyá wọn mìíràn ní ẹ̀dà kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tẹ mẹ́ta mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn, èyí tó wà nínú àpótí gbígbẹ ní ilé ẹlòmíràn á sì ṣì dúdú kedere. Ìbéèrè yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan rí.

AtúnFọ́tòṢe

Mi ò ronú kàn án rárá. Màá béèrè.

Ti ìlà tí wọ́n ti ká a ńkọ́? Ó ti ṣẹ́ dé funfun pépà.

Ọba_Kọ́ńtíráàsì

Ibí yìí, ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ wo ohun tó wà lọ́tùn-ún ìlà àti lósì rẹ̀. Tí méjèèjì bá jẹ́ nǹkan kan náà, bíi kóòtù sí kóòtù, ẹ ti mọ ohun tó wà láàárín, Healing á sì dí i láìpẹ́. Níbi tí etí kóòtù ti pàdé ògiri, ẹ má lo Healing, á po méjèèjì pọ̀, èjìká á dà bí ẹ̀fín. Clone Stamp ni kí ẹ lò níbẹ̀, kí ẹ máa mú láti orí etí kóòtù kan náà. Kí gbogbo rẹ̀ wà lórí léyà tuntun, kí ẹ lè pa á tì nígbà tí ẹ bá fẹ́.

Níbi etí bàbá ni ó le. Tí ìlà bá gba àárín etí kọjá, tó fẹ̀ tó ìlàrin etí, ohun tó wà lápá òsì kò sọ ti àárín fún yín. Ẹ lè fà á pọ̀ kó má bàa yọ lójú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ya ìyẹn.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Ọba, kò sí àbùkù nínú èyí.

Àbúrò_Pẹ́ńtà

Ẹ gbà mí láyè. Tí wọ́n bá wá ní ká fi àwọ̀ sí i ńkọ́? Mo gbọ́ pé èèyàn lè mọ àwọ̀ aṣọ láti inú bí ó ṣe dúdú tó. Kóòtù tó dúdú díẹ̀ jẹ́ búlúù, èyí tó dúdú gan-an jẹ́ dúdú.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Kò ṣeé mọ̀, àbúrò. Aṣọ pupa àti aṣọ àwọ̀ ewé lè bọ́ sí dúdú kan náà gẹ́lẹ́. Àwọn fíìmù àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tí kì í rí pupa rárá, pupa tó mọ́lẹ̀ bí iná á dúdú bí eèdú lórí rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó rántí ni kí o bi, tàbí aṣọ náà tó bá ṣì wà. Bí kò bá sí ìkankan, o lè fi àwọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí o yàn ni.

AtúnFọ́tòṢe

Ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ kọ sí i:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti yẹ fọ́tò náà wò dáadáa. Ojú bàbá, ìyá àti ọmọbìnrin ṣì wà nínú pépà, wọ́n kàn rẹ̀ ni, mo lè mú wọn jáde. Mo lè mú ìlà èjìká bàbá kúrò. Níbi etí wọn, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa jẹ́ ọwọ́ mi. Ojú ọmọ ọwọ́ ti kúrò lórí pépà. Mo wá a ní ọ̀nà tí mo mọ̀, mi ò rí i. Tí mo bá fi ojú síbẹ̀, ojú tí mo yà ni. Ṣé ẹ ní nẹ́gátíìfù rẹ̀, àbí ẹlòmíràn nínú ẹbí ní ẹ̀dà? Kí lẹ sì fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe?"

Ọba_Kọ́ńtíráàsì

Ó gùn jù. Wọn ò ní kà á.

Kò_Sí_Irọ́

Wọ́n á kà á. Fọ́tò wọn ni. Àmọ́ gbé ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn wá sí iwájú.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè ìkẹyìn ló yẹ kó ṣíwájú. Fi fọ́tò kékeré méjì tẹ̀ lé e: ojú ọmọbìnrin nínú pupa àti nínú búlúù. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè ṣàlàyé "ó kàn rẹ̀ ni" bíi ti méjì yẹn.

AtúnFọ́tòṢe

Ó ti fèsì. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín.

Kò sí nẹ́gátíìfù. Àbúrò rẹ̀ kan ní ẹ̀dà, àmọ́ omi ti kan tiyẹn. Ó wá ní òun kò tilẹ̀ ronú nípa ojú ọmọ ọwọ́, pé òun gan-an ni ọmọ náà, pé òun kò rí ojú òun nínú fọ́tò yẹn rí láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú. Ìlà tó gba èjìká bàbá òun kọjá ni òun ní kí n tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló ká a sínú àpò nígbà kan, ó sì ń dùn ún títí di òní. Nípa àwọ̀ rúsúrúsú, ó ní: "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn."

Gbogbo ìkànnì búlúù tí mo ń fà láti ọjọ́ mẹ́ta!

Ọ̀nà_Ẹ̀bùrú

Háà. Ẹ ò bá ti gbé ojú ọmọ onílé onílé sí i lórí.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Tún ìlà ṣe lórí èyí tó ní àwọ̀ rẹ̀, má fọwọ́ kan ìyókù. Kóòtù yẹn ti ní rúsúrúsú oríṣi méjì mẹ́ta lára, tí o bá mú Clone láti ibi tó jìnnà, ìlà náà á kúrò ṣùgbọ́n àwọ̀ á fi ibẹ̀ hàn. Ibi tó sún mọ́ ìlà gan-an ni kí o ti máa mú. Kí o tún fi sìkáànù tí o kò fọwọ́ kàn ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú èyí tí o ṣe, gẹ́gẹ́ bíi TIFF, kì í ṣe lórí WhatsApp bíi fọ́tò. Pépà yẹn ṣì ń ṣá lọ.

Fi ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí o rí nínú búlúù náà ránṣẹ́, lọ́tọ̀. Má sọ pé kí ó sanwó rẹ̀.

AtúnFọ́tòṢe

Mo ti fi í ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Ó ti kà á, kò tíì fèsì.

Mọ̀mí_Álíbọ́ọ̀mù

Ẹ má bínú o, Bàbá. Mo ti rí sìkánà tó nípọn yẹn, fọ́tò gíláàsì náà mọ́ kedere báyìí. Àmọ́ apá kan wà tó ń tàn bíi epo, níbi tí fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, apá kejì kò tàn. Ṣé fọ́tò ni ìyẹn àbí gíláàsì?

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn

Ibi tó lẹ̀ àti ibi tí kò lẹ̀ ni, Mọ̀mí. Ẹ yí i po kí orí rẹ̀ di ìsàlẹ̀, ẹ tún un sìkáànù. Tí ibi tó ń tàn bá yí padà, ìmọ́lẹ̀ ni, a lè mú apá tó dára nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá yí padà, ẹ fi hàn mí.